Ọ̀gá Ló Ń Pinnu Àṣìṣe Tí Yóò Gbọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí kan láti Yunifásítì Harvard ń wá ìdí tí àwọn aláìsàn fi ń gba oògùn tí kì í ṣe tiwọn, tàbí èyí tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, láwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá wọn ṣe iṣẹ́ náà ni Amy Edmondson, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Bí àwọn èèyàn ṣe ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ ló kàn án. Ìbéèrè tirẹ̀ kò le: wọ́ọ̀dù tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ra wọn yé, tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn, tí ọ̀gá wọn sì mọṣẹ́, ṣé ibẹ̀ ni àṣìṣe oògùn yóò ti kéré jù?

Wọ́ọ̀dù mẹ́jọ ni wọ́n wò nínú ilé ìwòsàn méjì. Fún oṣù mẹ́fà, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ fún ìwádìí náà ń wọ àwọn wọ́ọ̀dù yìí lemọ́lemọ́. Wọ́n ń yẹ fáìlì àwọn aláìsàn wò, wọ́n ń bá àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kọ gbogbo àṣìṣe oògùn tí wọ́n bá rí tàbí tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀. Edmondson, ní tirẹ̀, pín ìwé ìbéèrè fún àwọn òṣìṣẹ́ kó lè mọ bí nǹkan ṣe ń lọ láàárín wọn. Ó dá a lójú pé wọ́ọ̀dù tó bá ṣọ̀kan ni àṣìṣe rẹ̀ yóò kéré. Nígbà tó wá gbé èsì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́ọ̀dù tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń yin ọ̀gá wọn, tí wọ́n ní àwọn rẹ́ dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó wà lákọsílẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹni tó bá ń kánjú ì bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ìrẹ́pọ̀ ń sọ òṣìṣẹ́ di aláìbìkítà. Edmondson kò kánjú. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, àwọn àṣìṣe tí a kà yìí, ta ló sọ wọ́n fún wa? Ọ̀pọ̀ àṣìṣe oògùn kì í fi àmì kankan sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún aláìsàn lóògùn ní wákàtí méjì lẹ́yìn àkókò tó yẹ, nǹkan kan ò ṣe aláìsàn. Ó fa oògùn tó pọ̀ jù sínú abẹ́rẹ́, ó rí i kó tó gún un, ó dà á nù, ó fa òmíràn. Bí ẹni tó ṣe é kò bá la ẹnu, kò sí fáìlì tó máa sọ ọ́. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí, nígbà náà, kì í ṣe iye àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀. Iye èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ kó hàn síta ni.

Kó má bàa jẹ́ pé òun kàn ń ro ó bẹ́ẹ̀ ni, ó wá ẹnì kan tó lọ ń jókòó sí àwọn wọ́ọ̀dù náà. Kò sọ iye àṣìṣe wọ́ọ̀dù kankan fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kó mọ ohun tóun ń fura sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, kó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí onítọ̀hún parí, ó to àwọn wọ́ọ̀dù náà látorí èyí tí ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti gbà láti sọ̀rọ̀ jù, títí dórí èyí tí ẹnu wọn ti wúwo jù. Bó ṣe tò wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bí iye àṣìṣe wọn ṣe tẹ̀ léra mu délẹ̀. Ọdún 1996 ni Edmondson tẹ àbájáde yìí jáde.

Ohun tí ẹni náà bá pàdé ní wọ́ọ̀dù méjì tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti ti òsì ló yẹ ká dúró lé lórí. Ní wọ́ọ̀dù tí àṣìṣe tó wà lákọsílẹ̀ ti pọ̀ jù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì máa ń wà láàárín wọn, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń bi í ní ìbéèrè bó ṣe ń kọjá. Ó sọ ọ́ gbangba pé irú iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe yìí, àṣìṣe díẹ̀ kò lè ṣàì wà níbẹ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí ìyà fún ẹni tó bá sọ ọ́. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ní wọ́ọ̀dù tí àkọsílẹ̀ ti kéré jù, àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá ṣàṣìṣe dà bí ẹni tó wà níwájú adájọ́, pé wọ́n á sọ èèyàn di ọmọ kékeré. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́ọ̀dù méjèèjì wà. Òfin kan náà ló de wọ́n, ìwé tí wọ́n fi ń ròyìn àṣìṣe kò yàtọ̀. Ẹni tó ń darí wọn ló yàtọ̀.

Lọ́dún 1999, Edmondson tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 51 ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun èlò. Iṣẹ́ yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà di ohun tí gbogbo ayé ń sọ: ìfọkànbalẹ̀ àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń tọ́ka sí ni ìgbàgbọ́ tí àwọn ará ibi iṣẹ́ kan jọ ní pé, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá béèrè ohun tí kò yé e, tó bá sọ pé òun ti ṣe nǹkan kan ní àìtọ́, tàbí tó bá sọ pé ohun tí ọ̀gá fẹ́ ṣe kò dára, wọn kò ní dójú tì í, wọn kò sì ní fi í sínú. Ara ohun tí ìwé ìbéèrè rẹ̀ ń wádìí ni bóyá wọ́n máa ń fi àṣìṣe dá èèyàn lẹ́bi lẹ́nu iṣẹ́ náà, àti bóyá ó rọrùn láti ní kí ẹlẹgbẹ́ ẹni ran èèyàn lọ́wọ́. Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe ìwà ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀n. Onígboyà tí ẹ gbé sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń dá èèyàn lẹ́jọ́ yóò kọ́ láti dákẹ́ láàárín oṣù díẹ̀.

Ìdí tó fi ń kọ́ ọ kíákíá bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí mo bá sọ àṣìṣe mi lónìí, lónìí náà ni màá san owó rẹ̀, èmi nìkan ni màá sì san án: ojú á tì mí, wọ́n lè kọ lẹ́tà sí mi, wọ́n lè má gbé mi ga lọ́dún tó ń bọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ mìíràn ló máa dé, bóyá fún aláìsàn tí mi ò ní mọ orúkọ rẹ̀ láéláé. Bí mo bá dákẹ́, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀ yìí. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó dákẹ́ nípàdé. Ìdákẹ́ ti ń borí kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, àfi bí ọ̀gá bá ṣe ohun tó máa mú kí ọ̀rọ̀ sísọ náà fúyẹ́.

Láàárín tiwa, ìdákẹ́ tún ní alátìlẹ́yìn. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni nínú ilé àti láwùjọ, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ bá gbé e wọ wọ́ọ̀dù, tó rí i pé ohun tí dókítà àgbà kọ sínú fáìlì kò jọ ohun tó yẹ kí ọmọ ọdún méjì gbà, ẹ̀kọ́ yẹn ni yóò dì í lẹ́nu mú. Yóò ní, “Bóyá wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.” Ìyẹn ni ẹrù tó wà lọ́rùn ọ̀gá níhìn-ín fi wúwo ju ti ọ̀gá tó wà ní Amẹ́ríkà lọ. Kò tó kí ó má bínú. Àfi kó máa bẹ àwọn ọmọdé abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kó sì máa dúpẹ́ nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́.

Àṣà kan tún wà tó ń dùn mí gan-an, èyí ni yíyọ owó nínú owó oṣù. Ní ilé epo, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ní ilé oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló jẹ́ pé bí owó bá dín lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó, inú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ ọ́, láìbéèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń kọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó fún oníbàárà ní ṣéńjì tó pọ̀ jù láàárọ̀ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò yá owó lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ẹ̀rọ kejì, wọn yóò jọ máa bo ara wọn, tàbí kí ó máa dín ṣéńjì àwọn oníbàárà mìíràn kù díẹ̀díẹ̀ kí owó lè pé nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá yóò wo ìwé, yóò rí i pé owó pé, yóò sì gbà pé ìyà tóun fi ń jẹ wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ ìsanwó bá wá ń ka iye epo ní àkàjù, ọ̀gá ni yóò mọ̀ ọ́n kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí sórí ilẹ̀ gan-an. Ká sọ pé ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn ni, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ní aago mẹ́ta òru. Iná ti lọ. Nọ́ọ̀sì kan ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ríran, ó fẹ́ fi omi abẹ́rẹ́ po oògùn tó jẹ́ ẹ̀tù kó lè fà á fún ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Nínú àwo orí kẹ̀kẹ́ oògùn, ìgò wẹ́wẹ́ omi abẹ́rẹ́ wà pẹ̀lú ìgò wẹ́wẹ́ pòtáṣíọ̀mù kílóráìdì. Wọ́n tóbi bákan náà, àwọ̀ wọn jọra, omi inú wọn mọ́ kedere. Pòtáṣíọ̀mù tí wọn kò tíì là, tó bá wọnú iṣan ọmọ lẹ́ẹ̀kan, lè dá ọkàn rẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì mú ìgò kan, ó fọ́ ẹnu rẹ̀, ó ti gbé abẹ́rẹ́ kó tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Pòtáṣíọ̀mù ni. Ara rẹ̀ gbọ̀n, ó jù ú nù, ó mú èyí tó tọ́. Ọmọ sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan.

Láàárọ̀, ó pinnu láti sọ fún mátíróònù. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lóru àná. Díẹ̀ ló kù kí n fi pòtáṣíọ̀mù po oògùn ọmọ bẹ́ẹ̀dì kẹrin.”

Ohun tí mátíróònù bá sọ tẹ̀ lé e ni gbogbo àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ó lè ní, “Háà! O fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ sí mi lọ́rùn? Ojú ẹ dà nígbà tó ò ń mú un?” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti èèyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ba mátíróònù náà, ẹ̀rù yẹn ló sì di ìbínú lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀ yẹn dúró síbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ. Kò sí èyí tó máa sọ tirẹ̀ fún mátíróònù mọ́. Ìwé tí wọ́n fi ń ròyìn àṣìṣe yóò wà ní funfun báláú títí ọdún yóò fi parí, ìgò méjèèjì yóò sì wà nínú àwo kan náà.

Tàbí kí ó mí sínú fún ìṣẹ́jú akàn díẹ̀, kó ní, “Ọmọ ńkọ́?”

“Ó wà dáadáa, mà. Mi ò tíì fà á tí mo fi rí i.”

“Ọpẹ́ ni. O ṣeun tó o sọ fún mi. Wá fi ibi tó o ti mú un hàn mí.”

Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí ṣe. Aláìsàn ló kọ́kọ́ béèrè, nítorí bí nǹkan bá ti ṣe ọmọ, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ó dúpẹ́ pé wọ́n sọ fún òun, kò sọ pé àṣìṣe náà dára. Lẹ́yìn náà, kò béèrè irú èèyàn tí nọ́ọ̀sì náà jẹ́. Ó béèrè ibi tí ìgò náà wà. Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í dé. Bí wọ́n bá jọ dé ìdí kẹ̀kẹ́ oògùn, wọn yóò rí i pé ìgò méjèèjì wà pa pọ̀, pé ọjà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti ilé oògùn yí àwọ̀ padà, pé kò sí àtùpà lórí kẹ̀kẹ́ náà lálẹ́. Nọ́ọ̀sì mìíràn lè sọ níbẹ̀ pé òun náà ti mú un rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti di méjì, ó sì ti hàn pé kì í ṣe àìfarabalẹ̀ ẹnì kan ló fà á.

Ojútùú rẹ̀ kò ní owó nínú. Ilé ìwòsàn púpọ̀ lágbàáyé ti kó pòtáṣíọ̀mù tí wọn kò tíì là kúrò lórí kẹ̀kẹ́ wọ́ọ̀dù pátápátá, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn apòògùn. Bí mátíróònù bá ti ṣe é, nǹkan kan kù: kí ó padà sọ fún ẹni tó mú ìròyìn wá. “Ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́jọ́ yẹn, a ti kó o kúrò níbẹ̀ o.” Bí òṣìṣẹ́ bá ròyìn nígbà mẹ́ta tí kò rí nǹkan kan tó yí padà, yóò jáwọ́, kódà bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín sí i. Ohùn pẹ̀lẹ́ láìsí àtúnṣe kì í pẹ́ tí yóò fi tán lọ́wọ́ ọ̀gá.

Obìnrin kan tó mọ bí a ṣe ń ṣí ẹnu èèyàn ni Julie Morath, tó di ọ̀gá ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Minneapolis lọ́dún 1999. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àṣìṣe, ọ̀pọ̀ ní kò sírú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Kò bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ni kò já wọn nírọ́. Ó yí ìbéèrè náà padà: lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú àwọn aláìsàn yín, ṣé gbogbo nǹkan ló lọ láìséwu tó bí ẹ ṣe fẹ́? Ìbéèrè yìí kò pe ẹnikẹ́ni ní oníṣẹ́ burúkú. Ó kàn ń béèrè nípa ohun tí ojú wọn rí. Ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn, ẹnìkan ń sọ tirẹ̀, èkejì ń rántí tirẹ̀.

Kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, Alan Mulally kúrò ní Boeing, ó wá di ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ọkọ̀ Ford. Ó dá ìpàdé kan sílẹ̀ tí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka yóò máa ṣe ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí olúkúlùkù yóò máa fi àwọ̀ hàn bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ: ewéko bí ó bá ń lọ dáadáa, òféèfèé bí ewu bá ń bọ̀, pupa bí ó bá ti dojú rú. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewéko ni gbogbo rẹ̀. Ford sì ń sọnù lọ, ó pàdánù tó ju bílíọ̀nù méjìlá dọ́là lọ lọ́dún yẹn. Mulally bi wọ́n léèrè pé ṣé kò sí nǹkan kan tí kò lọ dáadáa ni?

Mark Fields, tó ń darí ẹ̀ka Amẹ́ríkà, ní ọkọ̀ tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Edge, tí wọ́n fẹ́ gbé jáde láti Oakville ní Kánádà. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà wò gbọ́ ariwo kan tí wọn kò mọ ibi tó ti ń wá. Fields dá ọkọ̀ náà dúró, ó sì gbé àwọ̀ pupa lọ sípàdé. Gbogbo yàrá dákẹ́ lọ gbári. Àwọn kan tó jókòó síbẹ̀ rò pé ó ti tán fún un. Mulally bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fields pé ó jẹ́ kí àwọn rí ọ̀rọ̀ náà kedere, ó wá béèrè ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní òun yóò rán àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ sí i. Síbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni àwọn yòókù yí padà. Wọ́n ń wò ó bóyá Fields yóò ṣì jókòó sí àga rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i níbẹ̀, àwọ̀ pupa àti òféèfèé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìwé tiwọn náà. Àwọn tó ti fún lẹ́nu tẹ́lẹ̀ kì í tú ẹnu wọn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ dídùn kan. Ohun tí ọ̀gá bá ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń darí èèyàn yóò ti máa béèrè nísinsìnyí pé, ṣé kí a wá jẹ́ kí àwọn èèyàn máa ṣe bó ṣe wù wọ́n? Rárá o. Edmondson fúnra rẹ̀ kò dẹ́kun sísọ pé ìfọkànbalẹ̀ kò dín bí a ṣe ń retí iṣẹ́ tó dáa kù. Ibi tí ọkàn ti balẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń béèrè iṣẹ́ rere, ìmẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ààbò aláìsàn sì ti ya àṣìṣe sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ẹ tù ú nínú, kí ẹ sì tún ibi iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó ń gé ọ̀nà kúrú torí pé kò rí ewu inú rẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì wádìí ohun tó mú kí ọ̀nà kúrú náà rọrùn ju èyí tó tọ́ lọ. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀mí aláìsàn wéwu, tó mutí wá síbi iṣẹ́, tàbí tó yí ohun tó wà nínú fáìlì padà kí wọ́n má bàa mọ̀, ìyẹn kò ní ààbò kankan. Ìyà tọ́ sí i.

Ọ̀nà kan tí James Reason, onímọ̀ nípa àṣìṣe ẹ̀dá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé wúlò fún ọ̀gá tí kò mọ ẹ̀yà tí ohun tó wà níwájú òun jẹ́. Kí ó fi òṣìṣẹ́ mìíràn rọ́pò ẹni náà lọ́kàn rẹ̀: ẹni tó mọṣẹ́ bíi tirẹ̀, tó ti rẹ̀ bíi tirẹ̀, tó dúró nínú òkùnkùn kan náà pẹ̀lú ìgò méjì tó jọra. Ṣé kò ní ṣe irú àṣìṣe yẹn? Bó bá jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun náà ṣe é, ìyà tí wọ́n bá fi jẹ nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kò ní gba ọmọ kankan là. Ẹni tó kàn ni yóò tún ṣe é.

Ó yẹ kí n sọ ìwọ̀n tí ìwádìí wọ́ọ̀dù mẹ́jọ yẹn ní. Wọ́ọ̀dù mẹ́jọ kò pọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ láti inú rẹ̀ nìkan pé ọ̀gá kan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ náà. Nọ́ńbà tó ń lọ sókè pẹ̀lú kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ pé àwọn èèyàn ti ń sọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ń bàjẹ́ lóòótọ́. Ọ̀gá tó fẹ́ mọ̀ yóò wo irú ohun tí wọ́n ń ròyìn. Bó bá jẹ́ pé “díẹ̀ ló kù” ló pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn èyí tí wọ́n rí kó tó dé ara aláìsàn, tí èyí tó ṣe èèyàn léṣe kò sì pọ̀ sí i, ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ṣí. Bó bá jẹ́ kìkì èyí tí aláìsàn ti farapa, tí kò sí ibi tí wọ́n lè fi pa mọ́ sí, ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rù ṣì wà nínú ilé. Yóò tún wo ẹni tó ń ròyìn: ṣé àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá náà ń sọ, àbí àwọn àgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wí nìkan? Yóò wo bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó gbọ́. Àṣìṣe alẹ́ àná tó gbọ́ láàárọ̀ yìí yàtọ̀ sí èyí tó gbọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu ẹbí aláìsàn.

Àwọn tó wà lókè mátíróònù sì ni wọ́n sábà máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yóò pe ìpàdé, wọn yóò gbé ìwé wá, wọn yóò fún wọ́ọ̀dù tí àṣìṣe rẹ̀ kéré jù ní ẹ̀bùn ọdún, wọn yóò sì ní kí mátíróònù tí tirẹ̀ pọ̀ jù wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé gbogbo wọ́ọ̀dù ni yóò mọ́. Kí ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ yọ iye àṣìṣe kúrò nínú ohun tí wọ́n fi ń fúnni lẹ́bùn, kí wọ́n máa bi mátíróònù kọ̀ọ̀kan léèrè ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta pé: kí ni àwọn ọmọ abẹ́ yín sọ fún yín, kí lẹ sì ti yí padà nítorí rẹ̀?